Ìhàlẹ̀ Láìsí Ìdáríjì: Ohun Tó So Àwọn Oníláísíìnì Pọ̀

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1993, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ méjì tó ń bá ara wọn du ọjà pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Irvine, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà. Apá kan wá láti Archer Daniels Midland, tí gbogbo ayé ń pè ní ADM, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Decatur, ìpínlẹ̀ Ílínọ̀ì, nígbà náà. Apá kejì wá láti Ajinomoto ti ilẹ̀ Japáànù. Michael Andreas, igbákejì alága ADM, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní bí wọn kò bá fẹnu kò lórí iye tọ́ọ̀nù láísíìnì tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa tà, ADM yóò da ọjà rẹ̀ síta débi tí owó rẹ̀ yóò tún já wálẹ̀. Kazutoshi Yamada, ọ̀gá láti Ajinomoto, gbọ́ ọ dáadáa. Ohun tí àwọn méjèèjì kò mọ̀ ni pé kámẹ́rà àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ń wò wọ́n, àti pé Mark Whitacre, ọmọ ilé-iṣẹ́ ADM tó jókòó tì wọ́n, ti ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba láti nǹkan bí ọdún kan ṣáájú.

Láísíìnì jẹ́ èròjà kan tí adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ nílò kí wọ́n tó lè dàgbà dáadáa. Èyí tó wà nínú àgbàdo kò tó wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń po oúnjẹ adìẹ, ní Ìbàdàn àti ní Amẹ́ríkà, fi máa ń bu díẹ̀ sí i. Ìyẹ̀fun ni, ti ilé-iṣẹ́ kan kò sì sàn ju ti èkejì lọ. Nítorí náà, iye owó nìkan ni oníbàárà ń wò. Ẹni tó bá fi sẹ́ńtì kan dín sí i, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò yà sí.

Kí ADM tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta láti Japáànù àti Kòríà ló di ọjà yìí mú, wọ́n sì ń ta ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ní nǹkan bíi dọ́là 1.30. ADM kọ́ ilé ìpọntí ńlá kan sí Decatur, tí kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ ṣúgà àgbàdo di láísíìnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ẹ̀dínwó. Nígbà tó fi máa di ọdún 1992, owó náà ti já sí nǹkan bíi 60 sẹ́ńtì. Àwọn àgbẹ̀ yọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn tí ń tà á pàdé ní ìlú Mẹ́síkò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀dí àpò pọ̀ kí owó lè tún gòkè.

Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti lòdì sí òfin Amẹ́ríkà láti ọdún 1890, nígbà tí wọ́n ti ṣe òfin Sherman. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe é ju ti ẹ̀wọ̀n lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ta ju ìpín rẹ̀ lọ, kò sí ilé ẹjọ́ tí àwọn yòókù lè gbé e lọ. Kò sí ìwé tí wọ́n lè fi hàn, kò sí agbẹjọ́rò tí wọ́n lè rán. Bẹ́ẹ̀ ìdalẹ̀ dùn gan-an, nítorí nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń tà á wọ́n, ẹni tó bá dín díẹ̀ ni yóò kó gbogbo oníbàárà. Kí ló wá ń mú kí wọ́n pa àdéhùn mọ́?

Ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé sábà máa ń fún ìbéèrè yìí wá láti inú iṣẹ́ tí James Friedman tẹ̀ jáde ní ọdún 1971. Ó fi hàn pé àwọn abánidíje tí yóò máa pàdé ara wọn lọ́jà títí láé lè fi ìhàlẹ̀ nìkan di ara wọn mú, láìsí adájọ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ láti ṣe é ni èyí tí ó yẹ ká pè ní ọgbọ́n àìdáríjì. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ nípa títa ọjà ní owó gíga tí wọ́n jọ pinnu. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì dín owó, òun náà kò ní dín in. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnìkan bá dalẹ̀, gbogbo wọn yóò dín owó títí tí kò fi ní sí èrè mọ́, wọn kò sì ní padà sí owó gíga mọ́ láéláé. Kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí ìtìjú kankan tó lè tún un ṣe.

Ṣé ìhàlẹ̀ yẹn tó? A lè fi ìṣirò dán an wò.

Ilé-iṣẹ́ márùn-ún ló wà nínú ìdìmọ̀lù láísíìnì: ADM, Ajinomoto, Kyowa Hakko, àti Sewon pẹ̀lú Cheil láti Kòríà. Ẹ jẹ́ ká ní èrè gbogbo ọjà náà jẹ́ mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ́dún bí wọ́n bá di owó gíga mú, kí wọ́n sì pín in dọ́gba. Owó àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ti ìwé ìṣirò wọn. Ẹni kọ̀ọ̀kan ń gba 20 lọ́dún. Bí ọ̀kan bá fi sẹ́ńtì kan dín owó rẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn yòókù mọ̀, yóò gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo 100 náà ní ọdún kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn, àṣírí tú, ogun owó bẹ̀rẹ̀, kò sì tún rí nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni kó gba 100 lẹ́ẹ̀kan, tàbí kó máa gba 20 lọ́dọọdún láìdáwọ́ dúró.

Ẹni tó bá yára yóò ní 20 láìdáwọ́ dúró pọ̀ ju 100 lọ, ká má wulẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣírò. Ṣùgbọ́n owó ọ̀la kì í ṣe ẹgbẹ́ owó òní. Bí èlé báńkì bá jẹ́ 10 nínú 100 lọ́dún, dọ́là kan tí yóò dé lọ́dún tó ń bọ̀ kò ju nǹkan bíi 91 sẹ́ńtì lọ lónìí, nítorí 91 sẹ́ńtì tí a bá fi pamọ́ lónìí ni yóò di dọ́là kan nígbà náà. Ìdá 0.91 yẹn ni ìwọ̀n sùúrù, èyí tí àwọn onímọ̀ ń fi lẹ́tà Gíríìkì náà, δ, kọ. Ẹni tí ìwọ̀n sùúrù rẹ̀ bá sún mọ́ 1 ń fojú owó òní wo owó ọ̀la. Ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ 0, oúnjẹ òní nìkan ló mọ̀.

Bí a bá fi ìwọ̀n sùúrù dín owó ọdún kọ̀ọ̀kan kù, tí a sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 20 tí ń wọlé lọ́dọọdún yóò jẹ́ 20 tí a pín sí (1 − δ). Fún èlé 10 nínú 100, èyí jẹ́ 220. Ó ju 100 lọ, nítorí náà kò ní dalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n sùúrù bá jẹ́ 0.7, gbogbo àròpọ̀ náà kò ní ju nǹkan bíi 67 lọ, ìdalẹ̀ sì sàn fún un. Ààlà wà láàárín wọn:

20 ÷ (1 − δ) ≥ 100, èyí tó túmọ̀ sí δ ≥ 0.8

Bí ilé-iṣẹ́ bá pọ̀ sí i, ìpín kọ̀ọ̀kan yóò kéré sí i, ààlà yóò sì ga. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì péré, 0.5 ti tó. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá, ó gbọ́dọ̀ tó 0.9. Ohun tí gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ máa ń sọ níbí ni pé 1 − 1/n ni ààlà, tí n jẹ́ iye àwọn tó lẹ̀dí àpò pọ̀.

Ó yẹ kí ènìyàn béèrè ìbéèrè kan níbí. Bí èlé 10 nínú 100 bá ti fún wọn ní 0.91, tí ààlà àwọn márùn-ún kò sì ju 0.8 lọ, èéṣe tí ọ̀pọ̀ irú ìdìmọ̀lù bẹ́ẹ̀ fi ń tú ká? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ "ọdún" tí a fi ṣe ìṣirò. Àkókò tó ṣe pàtàkì ni èyí tó wà láàárín ìgbà tí ẹnìkan dalẹ̀ àti ìgbà tí àwọn yòókù mọ̀. Láàárín àkókò yẹn ni ọ̀dàlẹ̀ ń jẹ gbogbo èrè. Bí ó bá gba oṣù kan péré kí wọ́n tó rí i, ìwọ̀n sùúrù fún oṣù kan lé díẹ̀ ní 0.99, ìdalẹ̀ kò sì ní láárí. Bí ó bá gba ọdún méjì, ó ti di 0.83, èyí tó kàn kọjá ààlà díẹ̀. Bí ó bá gba ọdún mẹ́ta, ó ti já sí 0.75, ìhàlẹ̀ náà kò sì lè dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́. Èlé báńkì kò yí padà nínú gbogbo èyí, ọkàn àwọn ọ̀gá náà kò sì yí padà. Bí àṣírí ṣe pẹ́ tó ló yí padà.

Àṣírí sì lè pẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń po oúnjẹ ẹran máa ń ra láísíìnì nípa àdéhùn tí àwọn méjì péré mọ̀. Ẹni tó ń tà lè kọ owó gíga sí ìwé, kó sì dá díẹ̀ padà fún oníbàárà lẹ́yìn. Kò sí pátákó tí owó yẹn yóò hàn sí. Gbogbo ohun tí àwọn yòókù yóò rí ni pé ọjà tiwọn kò yá mọ́, ọjà sì lè má yá nítorí ohun mìíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àdéhùn àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Ní ọdún 1992, owó nìkan ni wọ́n fẹnu kò lé lórí, wọn kò pín iye tọ́ọ̀nù. Owó láísíìnì gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 1993 ó tún já wálẹ̀. Nígbà tí wọn kò ti mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹ kó tà, kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ẹnìkejì òun ń dalẹ̀ tàbí ọjà ló kàn dákẹ́. Kálukú fura, kálukú sì dín owó. Ìdí nìyẹn tí Andreas fi lọ sí Irvine pẹ̀lú ìhàlẹ̀ lẹ́nu. Tọ́ọ̀nù ló fẹ́ kí wọ́n pín.

Nígbà tí wọ́n fara mọ́ ọn, ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀lé e bá ìṣirò wa mu débi pé ènìyàn yóò rò pé wọ́n ti ka ìwé Friedman. Àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tọ́ọ̀nù tirẹ̀. Èkejì, lóṣooṣù ni wọ́n ń fi tẹlifóònù sọ iye tí wọ́n tà fún ọkùnrin kan ní Ajinomoto, tí yóò ro ó pọ̀, kó lè hàn bí kálukú ṣe ń bá ìpín rẹ̀ lọ. Àkókò àṣírí tó lè jẹ́ ọdún kan tàbí méjì tẹ́lẹ̀ di oṣù kan. Ẹ̀kẹta ló gún régé jù lọ lójú mi: bí ilé-iṣẹ́ kan bá ta ju ìpín rẹ̀ lọ nígbà tí ọdún bá fi parí, dandan ni kó ra láísíìnì lọ́wọ́ ẹni tí tirẹ̀ kò tó.

Èyí kẹta yìí ń bu èrè ìdalẹ̀ kù láti orísun rẹ̀. Ìṣirò ààlà fún ọjà èyíkéyìí nílò ohun mẹ́ta: èrè ẹni tó dalẹ̀, èrè ẹni tó pa àdéhùn mọ́, àti èrè ẹni tó wà nínú ogun owó. Ẹ yọ èrè àdéhùn kúrò nínú èrè ìdalẹ̀, kí ẹ fi pín in sí èrè ìdalẹ̀ tí a yọ èrè ogun kúrò nínú rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyẹn jẹ́ 80 pín sí 100, èyí tí í ṣe 0.8. Bí òfin ìràpadà yẹn bá mú kí èrè ọ̀dàlẹ̀ já láti 100 sí 40, ìṣirò náà yóò di 20 pín sí 40, ààlà yóò sì di 0.5. Kódà ẹni tí kò ní sùúrù púpọ̀ lè dúró síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gbé wa dé ibí ń béèrè ohun kan sí i: ṣé àìdáríjì ló so wọ́n pọ̀? Bí a bá tẹ̀lé ọgbọ́n yẹn bó ṣe wà nínú ìwé, ogun owó ọdún 1993 ló yẹ kó jẹ́ òpin. Ẹnìkan ti dín owó, gbogbo ènìyàn ti dín in, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Dípò èyí, kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti jókòó pọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Ìhàlẹ̀ Andreas pàápàá kì í ṣe ti títí láé. Ohun tó ń sọ ni pé òun yóò da ọjà síta títí wọn yóò fi gbà.

Kò yani lẹ́nu. Ẹni tó ń fìyà jẹ ọ̀dàlẹ̀ nípa dídín owó ń fìyà jẹ ara rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ nínú ogun, ó ṣe gbogbo wọn láǹfààní láti pe ara wọn lórí tẹlifóònù, kí wọ́n ní kí a gbàgbé ohun tó ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ bí gbogbo ènìyàn bá ti mọ̀ pé ìpè yẹn yóò wáyé, ìhàlẹ̀ náà ti pàdánù agbára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣirò lè fi èyí náà hàn. Bí ogun owó kò bá sọ èrè di òfo, tó ṣì ku 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ààlà yóò kúrò ní 0.8, yóò sì gòkè sí 80 pín sí 90, tí í ṣe 0.89. Ìyà tó rọ̀ ń béèrè sùúrù tó pọ̀ sí i lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fi di ara wọn mú. Ìdí nìyẹn tí ADM fi jẹ́ kí àwọn ènìyàn Ajinomoto wá rìn yí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Decatur ká. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé agbára tó lè ba ọjà jẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Àìdáríjì pátápátá tún ní àbùkù mìíràn, èyí tí àwọn ọkọ̀ ojú irin ti fi hàn kí láísíìnì tó dé. Láàárín ọdún 1880 sí 1886, àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè tó ń kó ọkà láti Ṣikágò lọ sí etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ní ìgbìmọ̀ tó ń pinnu owó ẹrù, ní gbangba, nítorí òfin Sherman kò tíì sí. Robert Porter yẹ àkọsílẹ̀ owó wọn wò ní ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1983. Owó náà máa ń wà lókè, yóò já fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún padà sókè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti Edward Green ṣàlàyé ìdí tí irú rẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀. Níbi tí kálukú kò ti lè rí ohun tí ẹnìkejì ń ṣe, ọjà tí kò yá lásán lè dà bí ìdalẹ̀. Bí ìyà bá jẹ́ ti títí láé, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọjà bá dákẹ́ láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni ni gbogbo rẹ̀ yóò tú ká. Nítorí náà ogun gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lópin.

Àwọn onímọ̀ ti gbé ìwọ̀n sùúrù yìí wọ yàrá ìdánwò pẹ̀lú, èsì tó sì jáde níbẹ̀ ló yí èrò mi padà jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Pedro Dal Bó àti Guillaume Fréchette tẹ ọ̀kan jáde ní ọdún 2011, èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì New York. Ènìyàn méjì ń ta ayò kan lórí kọ̀ǹpútà láìrí ara wọn. Bí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kálukú gba àmì 40. Bí ọ̀kan bá dalẹ̀, ó gba 50, ẹnìkejì rẹ̀ gba 12. Bí àwọn méjèèjì bá dalẹ̀, 25 ni kálukú gbà. Lẹ́yìn ìta kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ń ṣẹ́ kèké bóyá àwọn méjì náà yóò tún ta á. Fún àwọn kan, ó ṣeé ṣe kí ó tẹ̀ síwájú nígbà kan nínú méjì. Fún àwọn mìíràn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kèké yìí ló dípò ìwọ̀n sùúrù: 0.5 tàbí 0.75.

Ẹ jẹ́ ká wá ààlà ọgbọ́n àìdáríjì níbẹ̀. Èrè ìdalẹ̀ 50 yọ 40 jẹ́ 10. 50 yọ 25 jẹ́ 25. 10 pín sí 25 jẹ́ 0.4. Nítorí náà, 0.5 àti 0.75 ti kọjá ààlà, ó sì yẹ kí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ lè dúró fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní 0.75 ṣe ń ní ìrírí sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ sí i. Àwọn tó wà ní 0.5 kò rí i gbé dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò ní ó ṣeé ṣe.

Ìdí rẹ̀ hàn bí a bá rántí pé kò sí ẹni tó mọ ọkàn ẹnìkejì rẹ̀. Ká ní mo rò pé ó ṣeé ṣe bákan náà kí ẹnìkejì mi jẹ́ ẹni tó ń pa àdéhùn mọ́ pẹ̀lú ọgbọ́n àìdáríjì, tàbí kó jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 0.5, bí èmi náà bá lo ọgbọ́n yẹn, n óò gba 80 lọ́dọ̀ ẹni rere, n óò sì gba 37 lọ́dọ̀ ọ̀dàlẹ̀. Ìdajì àròpọ̀ wọn jẹ́ 58.5. Bí mo bá dalẹ̀, n óò gba 75 lọ́dọ̀ ẹni rere àti 50 lọ́dọ̀ ọ̀dàlẹ̀. Ìdajì wọn jẹ́ 62.5. Ìdalẹ̀ ló sàn. Ní 0.75, ìṣirò kan náà fún ẹni tó pa àdéhùn mọ́ ní 123.5, ó sì fún ọ̀dàlẹ̀ ní 112.5. Ìpamọ́ àdéhùn ló borí níbẹ̀. Ààlà tí ẹni tó ń bẹ̀rù ẹnìkejì rẹ̀ nílò ga ju èyí tó wà nínú ìwé Friedman lọ, nítorí ó gbọ́dọ̀ ro ti 12 tí yóò gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí wọ́n bá tàn án jẹ.

Ọgbọ́n àìdáríjì ń sọ fún wa bóyá ìdìmọ̀lù lè dúró. Kò sọ fún wa pé yóò dúró. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kún fún ìfura, ìfura yẹn gan-an sì ni àwọn oníláísíìnì ń bá jà nígbà tí wọ́n ń fò láti Mẹ́síkò lọ sí Párís, láti Tókíyò lọ sí Hawáì àti Atlánta. Wọ́n tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ oníṣòwò kan sílẹ̀ tí wọ́n fi bo ìpàdé wọn lójú. Bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n sùúrù nìkan ló ń di ènìyàn mú, kálukú ì bá jókòó sí ilé rẹ̀, kó ta ọjà rẹ̀ ní owó gíga, láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n nílò láti wo ojú ara wọn. Ìpàdé yẹn náà ló fún ìjọba ní ẹ̀rí, nítorí ènìyàn kò lè gba ohùn sùúrù sílẹ̀ sórí téèpù.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1995, àwọn FBI ya wọ ilé-iṣẹ́ ADM. Ní ọdún 1996, ADM gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì san mílíọ̀nù 100 dọ́là: 70 lórí láísíìnì, 30 lórí ásíìdì sítíríìkì, ọjà mìíràn tí wọ́n tún lẹ̀dí àpò pọ̀ lé lórí. Ní ọdún 1998, ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú ní Ṣikágò dá Andreas, Terrance Wilson àti Whitacre fúnra rẹ̀ lẹ́bi. Whitacre ti pàdánù ààbò tí ìjọba fún un, nítorí wọ́n rí i pé ó ń jí owó ADM kó ní gbogbo ìgbà tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ní ọdún 2000, àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà bu owó ìtanràn tó sún mọ́ mílíọ̀nù 110 yúrò lé àwọn ilé-iṣẹ́ márààrún.

Ènìyàn lè rò pé ẹ̀rù mímú nìkan ti tó láti ba ìdìmọ̀lù jẹ́, nítorí eré tó lè parí lójijì ń dín ìwọ̀n sùúrù kù. Ìṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ká ní lọ́dọọdún, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n nígbà 15 nínú 100. Ìwọ̀n sùúrù ọdún kan yóò já láti 0.91 sí nǹkan bíi 0.77, ó sì ti lọ sábẹ́ 0.8. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ iye tọ́ọ̀nù wọn lóṣooṣù kò ka ọdún, oṣù ni wọ́n ń kà, ìwọ̀n sùúrù oṣù kan sì ṣì jẹ́ nǹkan bíi 0.98. Ilé-iṣẹ́ náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 kí ìyẹn tó má tó wọn.

Ibi tí òfin ti rí wọn mú ni ìfura. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993, oṣù méjì péré ṣáájú ìpàdé Irvine, Ilé-iṣẹ́ Ìdájọ́ Amẹ́ríkà tún ìlànà rẹ̀ ṣe: ilé-iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ wá jẹ́wọ́ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ kò ní jẹ́jọ́ ọ̀daràn rárá. Ẹni kejì kò ní irú àǹfààní yẹn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá jókòó nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ kò kàn ń ro ẹni tó lè dín sẹ́ńtì kan kúrò lórí owó mọ́. Ó tún gbọ́dọ̀ ro ẹni tí yóò ṣáájú rẹ̀ dé ọ́fíìsì ìjọba, kò sì sí ìyà tí àwọn yòókù lè fi jẹ ẹni yẹn lẹ́yìn tó bá ti débẹ̀, nítorí eré náà ti parí.